Ohun tí CBEX kọ́ wa nípa ìkànnì okòwò ayédèrú

Ní àárín oṣù Kẹrin ọdún 2025, inú bí àwọn èèyàn débi pé wọ́n já wọ ilé kan ní Òkè-Àdó nílùú Ìbàdàn, wọ́n ń gbé àga àti ohunkóhun tí ọwọ́ wọn bá bà jáde. Ọ́fíìsì ìkànnì okòwò kan tó ń jẹ́ CBEX ni. Owó tí wọ́n kó sínú ìkànnì náà ti di òdo lójú fóònù wọn, wọn ò sì rí ẹni tí wọ́n máa bi. Àga tí wọ́n gbé ò lè tó bíńtín nínú ohun tí wọ́n pàdánù, àmọ́ òun nìkan ni ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn tí CBEX fi sílẹ̀ fún wọn.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn jù ni pé ojúkòkòrò ló bá wọn jà. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wádìí kí wọ́n tó fi owó sílẹ̀. Wọ́n béèrè bóyá ọ́fíìsì wà, ọ́fíìsì wà. Wọ́n béèrè bóyá ìwé ìjọba wà, wọ́n fi ìwé hàn wọ́n. Wọ́n bi aládùúgbò tó ti wọlé ṣáájú bóyá ó ti gba owó, ó sì ti gba owó lóòótọ́. Ibi tí wàhálà wà ni pé gbogbo ẹ̀rí tí wọ́n béèrè pátá ló jẹ́ irú èyí tí oníjìbìtì lè rà ní owó pọ́ọ́kú. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀rí tó ṣeé rà àti èyí tí kò ṣeé rà.

Ìlérí náà lórí ìwọ̀n

Àdéhùn CBEX rọrùn láti lóye. Ẹ fi owó síbẹ̀, ọgbọ́n àtọwọ́dá kan á máa fi ra krípítò, á máa tà á, nígbà tó bá sì fi máa pé nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́, owó yín á ti di ìlọ́po méjì. USDT ni wọ́n ń gbà, ìyẹn krípítò tí wọ́n so iye rẹ̀ mọ́ dọ́là kan. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé bí èèyàn bá fi owó báńkì ránṣẹ́ tó sì tètè pariwo, báńkì ṣì lè gbìyànjú láti dí owó náà lọ́nà. USDT tó bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni kò ní báńkì tó máa lé e padà.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìlérí yẹn sórí ìwọ̀n. Bí dọ́là 100 bá ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù, tí ẹni tó ni ín ò sì fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn ọdún kan á ti di dọ́là 409,600. Lẹ́yìn ọdún méjì, á ti lé ní bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 677 dọ́là. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀rọ tó lè ṣe èyí kò nílò ọgọ́rùn-ún dọ́là ti obìnrin tó ń ta aṣọ ní Gbági. Ó lè yá dọ́là ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ní báńkì kó sì jókòó sílé. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ nìyẹn: kí ló dé tí wọ́n fi nílò owó mi?

Kí ẹ lè rí bí ìlérí yẹn ṣe jìnnà tó, ìwé ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ ń tà nípasẹ̀ Báńkì Àpapọ̀, èyí tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe onídùúró fún, kò san tó náírà 25 lórí náírà 100 fún odidi ọdún kan lásìkò yẹn. Ní ti àwọn tó ń ṣe okòwò pàṣípààrọ̀ lórí fóònù wọn, àjọ ESMA tó ń mójú tó ọjà ìdókòòwò ní ilẹ̀ Yúróòpù sọ lọ́dún 2018 pé, nínú irú okòwò tí wọ́n ń pè ní CFD, níbi téèyàn ti ń fi owó lé bóyá iye nǹkan máa gòkè tàbí ó máa wálẹ̀ láìra nǹkan náà fúnra rẹ̀, àkáǹtì 74 sí 89 nínú 100 ló ń pàdánù owó. Àwọn tí ìjọba ń ṣọ́ nìyẹn o, lọ́dọ̀ alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ gidi. Ẹni tó bá mọ ọjà yìí kò jẹ́ sọ pé èrè dájú, nítorí pé ó mọ̀ pé bó ti wù kí ọgbọ́n òun pọ̀ tó, oṣù kan lè dé tí òun á pàdánù. Ọ̀rọ̀ náà “dájú” fúnra rẹ̀ ni àpá àkọ́kọ́ tó ń tú wọn fó.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń san owó?

Ìbéèrè tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú nìyí. Bó bá jẹ́ jìbìtì ni, báwo ni wọ́n ṣe sanwó fún ìyá ìjọ wa, tó fi ra ẹ̀rọ amúnáwá?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìṣirò tí wọ́n ń pè ní sogúndogójì. Ká ní èèyàn 100 ló kọ́kọ́ wọlé, tí kálukú sì mú dọ́là 100 dání. Dọ́là 10,000 ló wà nílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, dọ́là 20,000 ni ìkànnì jẹ wọ́n. Kò sí okòwò kankan tó ń lọ, nítorí náà èèyàn 100 mìíràn gbọ́dọ̀ gbé dọ́là 10,000 wá kí owó tó pé. Wọ́n kó o fún àwọn ará ìṣáájú, inú gbogbo ayé dùn. Àmọ́ àpótí ti ṣófo, àwọn 100 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sì ń retí dọ́là 20,000. Èèyàn 200 ló máa san ìyẹn. Àwọn 200 náà ń retí 40,000, èèyàn 400 ló máa san án. Bó ṣe ń di ìlọ́po méjì nìyẹn. Lóṣù kẹwàá, àwọn tó gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á jẹ́ 51,200. Lóṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, á lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀.

Ohun tó ń jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ọ̀pọ̀ kì í gba owó wọn jáde. Wọ́n ń rí i tó ń pọ̀ sí i lójú fóònù, wọ́n á ní kó ṣì wà níbẹ̀. Ìkànnì náà á tún fún ẹni tó bá mú èèyàn wá ní ẹ̀bùn, á sì ti owó mọ́lẹ̀ fún iye ọjọ́ kan kó má bàa tètè jáde. Gbogbo èyí ń fa okùn náà gùn ni, kò sí èyí tó ń dá owó sílẹ̀ nínú wọn.

Nítorí náà, owó tí wọ́n san fún ìyá ìjọ kì í ṣe ẹ̀rí pé okòwò wà. Owó ìpolówó ni. Ó sì jẹ́ ìpolówó tó dára ju ti rédíò lọ, nítorí pé ìyá fúnra wọn ló máa sọ ọ́ fún wa, a sì mọ̀ pé wọn kì í purọ́. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: ìfọkàntán tó wà láàárín ẹbí, ìjọ àti ẹgbẹ́ aláàjọ ni wọ́n fi ṣe agbọ̀n tí wọ́n fi kó owó. Ẹni tó fa ọmọ ìyá rẹ̀ wọlé kì í mọ̀ pé òun ń bá oníjìbìtì ṣiṣẹ́.

MMM tó fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan tan àwọn ará Nàìjíríà jẹ náà sanwó fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó ti ilẹ̀kùn nínú oṣù Kejìlá ọdún 2016. Bó bá ti jẹ́ pé sísanwó ni ẹ̀rí, ẹ̀rí MMM pọ̀ gan-an.

Ìwé tí wọ́n ń fi hàn

Àjọ SEC, tó ń mójú tó ọjà ìdókòòwò ní Nàìjíríà, jáde lẹ́yìn tí CBEX wó láti sọ pé àwọn kò fún un ní ìwé àṣẹ rí. Wọ́n ní orúkọ mìíràn tí CBEX fi ń ṣiṣẹ́ ni ST Technologies International Ltd, Smart Treasure àti Super Technology. Àmọ́ ST Technologies ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ CAC. Ó tún ní ìwé kan láti ọ̀dọ̀ EFCC, èyí tí wọ́n ń fún ilé iṣẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin tó lòdì sí fífọ owó ẹ̀gbin. Àwọn tó rí orúkọ EFCC lórí ìwé rò pé àwọn tó ń mú oníjìbìtì ti yẹ̀ ẹ́ wò, pé kò sí wàhálà mọ́.

Kálukú ìwé ní ohun tó ń sọ, kò sì sọ ju ìyẹn lọ. Ìwé CAC ń sọ pé orúkọ ilé iṣẹ́ kan wà nínú ìwé ìjọba. Ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ta búrẹ́dì lè gbà á. Ìwé tí EFCC fún wọn ń sọ pé ilé iṣẹ́ náà ti forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n lè máa ròyìn ìdúnàádúrà rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú méjèèjì tó sọ pé ó lè gba owó aráàlú kó sì fi ṣòwò fún wọn. SEC nìkan ló ń fún èèyàn ní àṣẹ ìyẹn. Òfin tuntun tí Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lù nínú oṣù Kẹta ọdún 2025, ìyẹn ISA 2025, fi krípítò sábẹ́ àjọ náà. Ó tún sọ pé ẹni tó bá ṣe sogúndogójì á san owó ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní mílíọ̀nù 20 náírà, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré lẹ́yìn náà ni CBEX wó.

Ìwé ilẹ̀ òkèèrè náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìkànnì alágbàtà fọ́rẹ́ẹ̀sì ló ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé wọn pé àwọn forúkọ sílẹ̀ ní Saint Vincent and the Grenadines, orílẹ̀-èdè elérékùṣù kan ní Kàríbíánì. Òótọ́ lè ni. Ṣùgbọ́n àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ owó ní orílẹ̀-èdè náà ti sọ ọ́ ketekete pé àwọn kì í fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ láti ṣe alágbàtà fọ́rẹ́ẹ̀sì. Ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, bíi ti CAC wa.

Orúkọ pàápàá ṣeé jí. Ilé iṣẹ́ gidi kan wà ní olú ìlú Ṣáínà tó ń jẹ́ China Beijing Equity Exchange, CBEX náà sì ni wọ́n ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí. Ẹni tó bá tẹ CBEX sórí ayélujára láti wádìí lè ṣalábàápàdé ilé iṣẹ́ ńlá tó ti pẹ́, kó rò pé òun ti rí ẹ̀rí. Àwọn ará wa ní ìlú ọba ń rí irú èyí lọ́nà mìíràn. Oníjìbìtì á mú orúkọ àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ tòótọ́ tó wà nínú ìwé FCA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀, á fi nọ́ńbà fóònù àti ojú ewé tirẹ̀ rọ́pò ti wọn. Bí ẹ bá wo ìwé FCA, ẹ ó rí orúkọ náà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ má pe nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Nọ́ńbà tí FCA fúnra rẹ̀ kọ sínú ìwé rẹ̀ ni kí ẹ pè, kí ẹ bi wọ́n bóyá àwọn ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ní Nàìjíríà, ojú ewé sec.gov.ng ni kí ẹ fúnra yín tẹ̀. Kí ẹ má tẹ ìlujá tí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù. Ibẹ̀ lẹ ti lè wá àwọn tó ní ìwé àṣẹ. Ohun mìíràn tó yá láti wò ni ọjọ́ orí ojú ewé náà. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà Mac tàbí Linux lè kọ àṣẹ yìí sínú Terminal, kó fi orúkọ ojú ewé tó fẹ́ wádìí rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀:

```
whois example.com
```

Ìlà tí ẹ ń wá ni `Creation Date`. Ẹni tó bá ń lo fóònù tàbí Windows lè wá ohun kan náà ní lookup.icann.org. Ìkànnì tó ní òun ti ń ṣòwò láti ọdún 2012, tó sì jẹ́ pé oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ra orúkọ ojú ewé rẹ̀, ti parọ́ fún yín kí ẹ tó fi owó síbẹ̀. Èyí kì í mú gbogbo wọn o, nítorí wọ́n lè ra orúkọ àtijọ́. Ṣùgbọ́n ìkànnì tó bá kùnà nínú ìdánwò yìí ti kùnà.

Àwọn tó ń ta sígínà

Àwọn míì kò ní gba owó òwò lọ́wọ́ yín rárá. Wọ́n á ní àwọn mọ ọjà, pé kí ẹ san dọ́là 50 lóṣù, kí àwọn sì máa sọ fún yín lórí Télígíráàmù ìgbà tí ẹ máa ra góòlù àti ìgbà tí ẹ máa tà á. Ó dà bíi pé ewu èyí kéré. Àmọ́ ẹ̀tàn inú rẹ̀ jinlẹ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Ẹ wo ọ̀nà yìí. Ẹnì kan kó èèyàn 1,600 jọ sínú ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ọ̀kan ò mọ̀ nípa èkejì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sọ fún 800 pé góòlù máa gòkè, ó sọ fún 800 yòókù pé ó máa wálẹ̀. Ó gbàgbé àwọn tó parọ́ fún. Lọ́jọ́ kejì, ó pín 800 tó kù sí méjì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹrin, èèyàn 100 ló kù tí wọ́n fi ojú ara wọn rí i pé ó sọ òótọ́ nígbà mẹ́rin léraléra láìgba kọ́bọ̀. Lójú wọn, wòlíì ni. Bí 40 péré nínú wọn bá san dọ́là 50, ó ti gba dọ́là 2,000 láì mọ ohunkóhun nípa góòlù.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n fi ìwọ̀n tí wọ́n fi ń borí polówó. Wọ́n á ní àwọn ń borí nígbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ó lè jẹ́ òótọ́, kí ẹ sì máa pàdánù. Bí èrè ìgbà kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ dọ́là 10, ìgbà mẹ́sàn-án jẹ́ dọ́là 90. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún yín ibi tí ẹ máa ti gé àdánù kúrú, torí náà ẹ̀kan ṣoṣo tí ọjà yí padà, dọ́là 120 ló lọ. Ẹ borí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ẹ sì ti pàdánù dọ́là 30. Nítorí náà, bí ẹ bá rí sígínà tó ní ibi ìwọlé àti ibi èrè, tí kò ní ibi tí ẹ máa jáde tí ọjà bá kọ̀, ẹ ti rí ibi tí owó máa gbà jò.

Àwòrán ojú fóònù tí wọ́n ń gbé síta kò já mọ́ nǹkan kan. Lórí MetaTrader, ìyẹn áàpù tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣe òwò fọ́rẹ́ẹ̀sì, èèyàn lè ṣí àkáǹtì ìdánwò tí wọ́n ń pè ní démò, kó fi dọ́là 100,000 tí kò sí níbì kankan ṣe èrè, kó ya àwòrán rẹ̀. Ó tún lè ṣí démò méjì, kó rà nínú ọ̀kan kó tà nínú èkejì, kó sì gbé èyí tó borí síta. Ohun tí ẹ lè béèrè tó le fún un láti ṣe ayédèrú rẹ̀ ni `investor password`. MetaTrader ní ọ̀rọ̀ aṣínà méjì: ọ̀kan láti fi ṣòwò, èkejì yìí láti fi wòran lásán. Ẹni tó bá fún yín ní ti ìwòran kò lè pàdánù ohunkóhun, nítorí ẹ ò lè fọwọ́ kan owó rẹ̀. Ẹ ó sì rí gbogbo òwò tó ti ṣe, títí kan èyí tó pàdánù, àti orúkọ sáfà tó wà lókè, bóyá ó ní `Demo` nínú. Àwọn kan máa ń ní ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Àṣírí kí ni, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti fi àwòrán èrè rẹ̀ han gbogbo ayé?

Ti sígínà ọ̀fẹ́ náà ń kọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ẹ máa fi sanwó rẹ̀ ni pé kí ẹ ṣí àkáǹtì nípasẹ̀ ìlujá tiwọn. Alágbàtà á máa san owó fún ẹni tó ni ìlujá náà lórí gbogbo òwò tí ẹ bá ṣe, bóyá ẹ jèrè tàbí ẹ pàdánù. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ní ti ara rẹ̀, àwọn alágbàtà gidi náà ń ṣe é. Ó kàn túmọ̀ sí pé bí ẹ bá ṣe ń ṣòwò léraléra tó ni òun náà ń jẹun tó. Ìyẹn ló fà á tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi máa ń fi sígínà mẹ́wàá ránṣẹ́ lójúmọ́ nígbà tí oníṣòwò tó ń fi owó tirẹ̀ ṣòwò lè ṣe ẹyọ méjì lọ́sẹ̀.

Ibi tí owó ti fẹ́ jáde

Lórí ìkànnì ayédèrú, ohun tí ẹ ń rí lójú fóònù jẹ́ nọ́ńbà tí ẹnì kan ń tẹ̀. Kò sí ọjà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lè fi ìṣẹ́jú kan náà wé e: ẹ ṣí TradingView, ìkànnì tó ń fi iye owó ọjà hàn, ẹ wo ohun kan náà tí ìkànnì yín ní òun ń tà, ní wákàtí kan náà. Ìyàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ kò burú, nítorí iye owó alágbàtà kan kì í dọ́gba pátápátá pẹ̀lú ti èkejì. Ṣùgbọ́n bí ti yín bá fò sókè níbi tí gbogbo ayé ti wálẹ̀, tàbí tí owó yín ń lé sí i láìsí àkọsílẹ̀ òwò tó ní àkókò, iye tí wọ́n fi rà àti iye tí wọ́n fi tà, ẹ ò sí nínú ọjà.

Àwọn kan ní kéèyàn dán ìkànnì wò nípa gbígba owó kékeré jáde. Ìmọ̀ràn yẹn ti pẹ́ jù. Àwọn oníjìbìtì mọ̀ ọ́n, wọ́n á sì san dọ́là 20 tàbí 50 tìdùnnú-tìdùnnú kí ẹ lè lọ gbé 5,000 wá. Ohun tó ń tú wọn fó ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ gba owó gidi.

Ẹ wo bó ṣe rí ní CBEX. Nígbà tí owó kò jáde mọ́, tí àkáǹtì sì ti di òdo, wọ́n ní kí àwọn oníbàárà san owó kan kí wọ́n lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé àkáǹtì wọn kì í ṣe ayédèrú: dọ́là 100 fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó 1,000, dọ́là 200 fún ẹni tó ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún un kà. Ká ní obìnrin Gbági yẹn ní dọ́là 800 nínú àkáǹtì, wọ́n ní kó mú 100 wá láti ìta. Bí 800 náà bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, kí ló dé tí wọn kò yọ 100 nínú rẹ̀, kí wọ́n fún un ní 700? Báńkì kì í ní kí ẹ gbé owó wá láti ilé kí ó tó yọ owó iṣẹ́ rẹ̀. Alágbàtà gidi náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń yọ ọ́ nínú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò lè yọ ọ́ nítorí kò sí ohun tó wà níbẹ̀ láti yọ.

Orúkọ tí wọ́n ń fún owó yẹn máa ń yí padà. Wọ́n lè pè é ní owó orí, owó ìfìdí-ẹni-múlẹ̀, owó ìṣípòpadà, tàbí owó láti gbé àkáǹtì yín ga. Bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ jẹ́, bí ẹ bá ti gbọ́ pé kí ẹ san owó tuntun kí owó àtijọ́ tó jáde, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ má san án. Ẹni tó san án, òmíràn ló máa tẹ̀ lé e. Bí owó orí bá wà lórí èrè yín lóòótọ́, ìjọba lẹ máa san án fún, kì í ṣe wọ́lẹ́ẹ̀tì ẹni tí ẹ ò mọ̀.

Bí owó bá ti wọlé

Ẹni tó bá ti kó sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kó ẹ̀rí jọ lójú ẹsẹ̀, kí ìkànnì tó parẹ́. Ẹ ya àwòrán ojú ewé náà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá yín sọ, àti orúkọ tí wọ́n ń lò lórí Télígíráàmù. Nínú ohun gbogbo, nọ́ńbà ìdúnàádúrà krípítò, tó máa ń hàn nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì yín bíi `TxID`, ló ṣe pàtàkì jù, pẹ̀lú àdírẹ́sì tí owó lọ. Lórí tronscan.org, bó bá jẹ́ ojú ọ̀nà TRC-20 lẹ lò, ẹ lè rí ibi tí owó náà gbà. Kò ní dá owó padà, àmọ́ bí owó náà bá wọ ilé pàṣípààrọ̀ ńlá kan tó ní ìwé àṣẹ, ọlọ́pàá lè kọ̀wé sí wọn kí wọ́n dí àkáǹtì náà. Èyí ló jẹ́ kí wákàtí àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ náírà lẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ta USDT fún yín, ẹ sọ fún báńkì náà. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó tà á lè máà mọwọ́-mẹsẹ̀ nínú jìbìtì náà.

Lẹ́yìn náà ni àwọn èkejì máa dé. Wọ́n á wọ inú ẹgbẹ́ Wáásáàpù tí àwọn tó pàdánù ti ń bá ara wọn sunkún, wọ́n á ní agbẹjọ́rò ni àwọn, tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè wọ inú wọ́lẹ́ẹ̀tì oníjìbìtì gba owó padà. Òmíràn á ní EFCC ló rán òun. Wọ́n á ní kí ẹ kọ́kọ́ san ìdá díẹ̀ nínú ohun tí ẹ pàdánù. Wọ́n lè mọ iye tí ẹ pàdánù gan-an, nítorí pé nígbà míì àwọn kan náà tó kó o ni, tàbí àwọn tó ra orúkọ yín lọ́wọ́ wọn. EFCC kì í gba owó lórí ẹ̀sùn tí ẹ bá mú wá. Ìwé ẹ̀sùn ni wọ́n ń gbà, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rí tí ẹ kó jọ, ẹ sì lè gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn tàbí Èkó láì mú kọ́bọ̀ dání fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀.